Kí Kápúsù Tó Dé, Omi Ni

Ní àárín oṣù Keje ọdún 1994, ogunlọ́gọ̀ àwọn ará Rùwáńdà sá kọjá ààlà wọ ìlú Gómà, ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Sàíírè nígbà náà, èyí tí a mọ̀ sí Kóńgò lónìí. Ọjọ́ mélòó kan péré ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, iye àwọn tí ó wọlé sì wà láàárín 500,000 sí 800,000. Ilẹ̀ tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ àpáta tí òkè oníná tú jáde láyé àtijọ́. Ọkọ́ kò wọ̀ ọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbẹ́ sàréè. Omi adágún Kífù ni ó sún mọ́ wọn jù, òun náà ni wọ́n sì ń bù mu láìsè. Ní ogúnjọ́ oṣù náà, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn onígbáméjì ti wọ àárín wọn.

Kí oṣù kan tó pé, àwọn tí ó ti kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000, ìgbẹ́ gbuuru ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Onígbáméjì kò tíì kúrò nílẹ̀ tán tí ìgbẹ́ ọ̀rìn, èyí tí kòkòrò Ṣigẹ́là ń fà, fi gba ipò rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Àìsàn méjèèjì ló gba inú ìgbẹ́ wá, omi àti ọwọ́ ìdọ̀tí ló gbé àwọn méjèèjì kiri, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe ń pa ènìyàn yàtọ̀ pátápátá sí bí èkejì ṣe ń pa á. Ìyàtọ̀ yìí ló ń sọ ìgbà tí oògùn apakòkòrò wúlò gan-an àti ìgbà tí owó rẹ̀ kàn ń ṣòfò.

Àwọn oníṣègùn kan láti Báńgíládẹ́ṣì, níbi tí wọ́n ti mọ onígbáméjì bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko, lọ ṣèrànwọ́ ní Gómà. Nígbà tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Láńsẹ́ẹ̀tì ní 1995, ẹ̀sùn wọn kò le rárá láti lóye. Wọ́n ní omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kò yára tó. Wọ́n ní irú omi tí wọ́n ń fà fún àwọn kan kì í ṣe èyí tí ó yẹ. Wọ́n sì ní omi mímu, èyí tí ó rọrùn jù tí ó sì pọ́ọ́kú jù, kò tó lọ́wọ́ àwọn tí ó nílò rẹ̀. Kòkòrò onígbáméjì tó wà ní Gómà kò tilẹ̀ gbọ́ràn sí tẹtirasáíkílìn àti dọksisáíkílìn lẹ́nu mọ́, ìyẹn àwọn kápúsù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ará Báńgíládẹ́ṣì kọ́kọ́ bínú sí ni ọ̀rọ̀ omi.

Láti mọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí kòkòrò náà ń ṣe. Kòkòrò onígbáméjì kì í gún ìfun, kì í jẹ ẹran ara, kì í sì í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó kàn lẹ̀ mọ́ ara ìfun kékeré, ó sì ń tu oró jáde. Oró yìí wọ inú awọ ìfun, ó sì mú kí ó máa tú iyọ̀ dànù láìsinmi. Ibi tí iyọ̀ bá sì ń lọ, omi a máa tẹ̀lé e. Bí omi ṣe ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, tí ó ń ya wọ inú ìfun, tí ó sì ń gba ìdí jáde bí omi ìrẹsì tí wọ́n ṣẹ́, funfun fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, láìní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹni tí ó bá mú gan-an lè ya tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Èébì náà kò ní jẹ́ kó simi. Ojú á jìn, ohùn á há, ọwọ́ á hunjọ bí ọwọ́ ẹni tí ó fọ aṣọ láti àárọ̀, iṣan ọrùn ọwọ́ á sì dẹ́kun lílù. Ẹni tí ara rẹ̀ le ní ìdájí lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Aláìsàn onígbáméjì kì í kú nítorí pé kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tí ó kù nínú iṣan kò tó èyí tí ọkàn lè máa tì kiri mọ́.

Ẹ wá fi kápúsù sí àárín ìtàn yìí kí ẹ wo ohun tí ó lè ṣe. Àkọ́kọ́, ẹni tí ń bì lemọ́lemọ́ yóò bì í jáde. Ká tilẹ̀ ní kò bì í, oògùn a máa gba nǹkan bí ọjọ́ kan kí ó tó dín ìyàgbẹ́ náà kù, nítorí pé oró tí ó ti wọ inú awọ ìfun kò ní jáde kíákíá nítorí pé kòkòrò tí ó tu ú ti kú. Ọjọ́ kan sì rèé, aláìsàn náà lè má ní ju wákàtí mélòó kan lọ. Bí wọ́n bá wá dá omi tí ó ń sọnù padà fún un, ó lè yàgbẹ́ títí di ọ̀la àti ọ̀túnla kí ó má sì kú. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò lé kòkòrò náà jáde. Nínú àwọn tí onígbáméjì mú gan-an tí wọn kò rí ìtọ́jú, ó lè tó ìdajì wọn tí yóò kú. Níbi tí omi bá ti tètè dé, kì í tó ẹnì kan nínú 100.

Àwọn kan ṣì ń sọ pé kí wọ́n má fún ẹni tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru lómi, pé omi tí ó bá mu náà ni yóò yà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ti pa ọmọ púpọ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kà á lọ. Òótọ́ ni pé omi lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n awọ ìfun ní ilẹ̀kùn kan tí oró onígbáméjì kò lè tì, ilẹ̀kùn tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé. Ṣúgà nìkan kò lè ṣí i dáadáa, iyọ̀ nìkan kò lè ṣí i. Bí wọ́n bá jọ dé, wọ́n á wọlé, omi á sì tẹ̀lé wọn. Ìwádìí nípa èyí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Ní 1968, àwọn oníṣègùn ní Dákà fi hàn pé aláìsàn onígbáméjì lè mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà ìdíwọ̀n kan kí ó sì yè é.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbà dókítà kò gbà pé nǹkan tí kò ju omi, iyọ̀ àti ṣúgà lọ lè dúró ní ipò dírípù. Ogun ló wá jẹ́ kí wọ́n gbà. Ní 1971, nígbà tí ogun òmìnira Báńgíládẹ́ṣì ń jà, àwọn tí ń sá fún un ya wọ Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bọ́ńgáọ̀n, Dókítà Dílíìpù Mahalánábíìsì rí i pé dírípù òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn sì kún fún aláìsàn àti ohun tí wọ́n yà. Ó ní kí wọ́n lọ pò omi sínú àgbá: nínú lítà kọ̀ọ̀kan, gúlúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ jíjẹ gíráàmù 3.5, àti sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì gíráàmù 2.5. Àwọn ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọmọ aláìsàn ló ń bù ú mu fún ẹni wọn, nítorí pé nọ́ọ̀sì kò tó. Ikú tí ó ti ń mú nǹkan bí 30 nínú 100 nínú àwọn aláìsàn tẹ́lẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3.6. Kò sí kápúsù kankan tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lórí onígbáméjì. Ọdún 2022 ni Mahalánábíìsì kú, láìgba ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó tọ́ sí i.

Èyí tí ó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ORS sí lára lónìí ti dára ju ti Bọ́ńgáọ̀n lọ. Láti 2002 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dín iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ kù, wọ́n sì ti ní pòtásíọ̀mù nínú, nítorí pé ìgbẹ́ onígbáméjì a máa kó èyí náà lọ. Kí ẹni tí yóò pò ó kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ iye omi tí ó gbà, nítorí pé kì í ṣe gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì ló wà fún lítà kan. Èyí tí ó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, dídanù ni.

Bí kò bá sí sáṣẹ́ẹ̀tì nítòsí, kí wọ́n wọn omi mímọ́ lítà kan, kí wọ́n fi ṣíbí ìmutíì ìgédé mẹ́fà ṣúgà sí i, pẹ̀lú ìdajì ṣíbí iyọ̀. Ìgédé ni, kì í ṣe èyí tí ó yọrí bí òkìtì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù, yóò tún máa fa omi jáde láti inú ara wá sínú ìfun, ìyàgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ kékeré ní jàǹbá. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi dán an wò ni kí ẹni tó pò ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò: bí ó bá níyọ̀ ju omijé lọ, kí ó dà á nù kí ó sì tún òmíràn pò. Omi àpòlé yìí kò ní pòtásíọ̀mù, nítorí náà afárá ni títí wọn yóò fi dé ibi tí ORS wà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì bá a dé òpin. Ká sọ pé ìyá kan tí ó wọn kílò 60 bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí. Nígbà tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Máruwá gbé e dé ilé ìwòsàn ní aago mẹ́sàn-án, ó ti ń tòògbé, kò lè mu omi, iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ mọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá fún awọ ikùn rẹ̀ jọ, awọ náà kò ní padà sípò kíákíá. Ẹni tí ó bá dé irú ipò báyìí ti pàdánù omi tí ó tó ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀, ìyẹn nǹkan bí lítà mẹ́fà.

Lítà mẹ́fà náà ni ó gbọ́dọ̀ gbà padà, láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìlànà ni pé kí wọ́n fa mílílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí wọ́n sì fa 70 tí ó kù ní wákàtí méjì ààbọ̀. Fún ìyá wa yìí, lítà 1.8 ni fún ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà lítà 4.2. Àpò dírípù kéékèèké, onímílílítà 500, yóò lọ méjìlá. Abẹ́rẹ́ tí ó tóbi ni wọ́n máa ń lò, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ méjèèjì ni wọn yóò gbé e sí. (Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, iye kan náà ni fún kílò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi fà á.)

Ẹni tí ó bá ti gba dírípù rí yóò mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣe é kọ́ nìyí. Àpò kan a máa kán tó-tó-tó fún wákàtí mẹ́fà. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: aláìsàn ń ya lítà kan láàárín wákàtí kan, wọ́n sì ń dá ìdajì lítà padà fún un ní wákàtí mẹ́fà. Dírípù kọ́ sókè, àwọn ẹbí rí i, ọkàn wọn balẹ̀, aláìsàn sì ń kú lọ lábẹ́ rẹ̀. Irú ohun tí àwọn ará Báńgíládẹ́ṣì rí ní Gómà nìyẹn.

Irú omi tí ó wà nínú àpò náà ṣe pàtàkì. Ríńgà Laktéètì ni ó dára jù nínú èyí tí ó wọ́pọ̀. Bí kò bá sí, nọ́mà séláìnì ṣeé lò, bí wọ́n bá tètè fi ORS tì í lẹ́yìn. Dẹ́sítírósì lásán, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní omi oníṣúgà, kò ní iyọ̀ kankan nínú. Kò lè dúró nínú iṣan, kò sì wúlò fún aláìsàn onígbáméjì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gbẹ.

Bí ìyá náà bá ti lajú tí ó lè gbé nǹkan mì, wọn kò ní dúró kí dírípù tán kí wọ́n tó gbé ife fún un. Nǹkan bí mílílítà 300 ORS ni yóò máa mu láàárín wákàtí kan, ní dídíẹ̀. Bí ó bá bì, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dá ihò sí láàárín ni wọ́n máa ń lò ní àgọ́ onígbáméjì, garawa tí wọ́n fi ìlà sí lára á sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó lè dà bí ohun tí kò bójú mu, ṣùgbọ́n garawa yẹn ni ìwé ìṣirò wọn: iye tí ó bá wọ inú rẹ̀ ni aláìsàn gbọ́dọ̀ mu padà. Àmì pé ó ti ń bọ̀ sípò ni pé iṣan ọwọ́ á tún máa lù kíkankíkan, òùngbẹ á rọlẹ̀, ó sì máa tọ̀. Bí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá wú, omi ti fẹ́ pọ̀ jù, kí wọ́n dẹwọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń dé ipò ìyá yìí. Ọmọ tí ó wọn kílò 12, tí ojú rẹ̀ jìn díẹ̀, tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tí ó sì ń fi ìwàǹwára mu omi, kò nílò abẹ́rẹ́. Mílílítà 75 ORS fún kílò kọ̀ọ̀kan ni, láàárín wákàtí mẹ́rin: mílílítà 900. Ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, láti ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni kápúsù wọlé nínú onígbáméjì? Lẹ́yìn tí omi bá ti padà sára, tí èébì sì ti dáwọ́ dúró, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún àgbàlagbà ní dọksisáíkílìn mílígíráàmù 300. Bí kòkòrò àdúgbò náà kò bá gbọ́ràn sí i, asitromáísìn gíráàmù kan ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà. Ohun tí ó ń ṣe kì í ṣe kékeré fún ẹni tí àìsàn náà wọ̀ lára: ìgbẹ́ tí yóò yà lè dín sí ìdajì, ọjọ́ àìsàn rẹ̀ á fi nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀ kúrú, kòkòrò tí ó ń yà jáde á sì tètè tán. Níbi tí aláìsàn 200 wà tí dírípù kò sì tó, ìdajì yẹn jẹ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ gan-an ni wọ́n máa ń fún, àti ẹni tí ìyàgbẹ́ rẹ̀ kò rọlẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti ń gba omi, àti aboyún, àti ẹni tí àìsàn mìíràn tàbí àìjẹunre ti sọ di aláìlágbára. Ẹni tí ó ń yà díẹ̀díẹ̀ tí ó sì ń mu omi dáadáa kò nílò rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ọmọdé láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún gbà ni síńkì, mílígíráàmù 20 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán.

Kí gbogbo ilé máa gbé kápúsù mì kí àrùn tó dé kò dára. Wọ́n ti dán an wò ní Tansaníà ní 1977, tí wọ́n ń pín tẹtirasáíkílìn káàkiri láti fi dènà onígbáméjì. Kò ju bí oṣù mẹ́fà lọ tí kòkòrò náà fi kọ́ bí yóò ṣe borí rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2021 ni onígbáméjì ṣọṣẹ́ jù láìpẹ́ yìí: àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú jẹ́ 111,062, àwọn tí ó kú sì jẹ́ 3,604. Ó ju mẹ́ta lọ nínú 100, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú 100 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fẹ́ kí ó má kọjá. Ìwọ̀n ikú báyìí ń sọ fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà pé omi pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn, tàbí pé àwọn aláìsàn ló pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí omi wà.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́.

Kiyóṣì Ṣígà, oníṣègùn ará Japáànù, ni ó rí kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn ní 1897, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ṣigẹ́là kì í dúró sórí awọ ìfun. Ó ń wọ inú awọ ìfun ńlá, ó ń bí sí i níbẹ̀, ó ń ti inú sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sínú èkejì, gbogbo ibi tí ó bá gbà á di egbò. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ náà fi kéré ní ìwọ̀n ṣùgbọ́n tí ó kún fún ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rìn, tí ibà ń bá a rìn, tí inú ń lọ́ ènìyàn, tí a sì ń tẹnu mọ́ ìgbẹ́ tí kò jáde. Ìwọ̀nba kòkòrò tí kò ju 10 sí 100 lọ ti tó láti kó o ranni, nígbà tí onígbáméjì nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìka ọmọ kan sí àwo ọmọ kejì ti tó.

Omi kò lè dé ibi tí Ṣigẹ́là sá pamọ́ sí. Bí ara aláìsàn náà bá gbẹ, omi ṣì ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, nítorí pé àìsàn yìí náà lè fi ìgbẹ́ olómi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó sábà ń pa ọmọ tí Ṣigẹ́là mú kì í ṣe gbígbẹ omi nìkan. Gìrì lè gbé e, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ìfun rẹ̀ lè wú kí ó sì lu, àti pé ẹ̀yà kan nínú Ṣigẹ́là, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yà kìíní, a máa tu oró tí ń ba kíndìnrín jẹ́. Níhìn-ín ni oògùn apakòkòrò ti di ìtọ́jú gan-an. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí wọ́n fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ní sípírò: fún ọmọ, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ kílò mẹ́wàá yóò gba 150 láàárọ̀ àti 150 lálẹ́. Àgbàlagbà, 500 àti 500. Òṣìṣẹ́ ìlera ni kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì mọ ohun tí ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò rẹ̀, nítorí pé Ṣigẹ́là ti ń borí sípírò náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó ní àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tí yóò sàn fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọwọ́ tí kò jẹun kánú ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ìdánwò.

Bí oògùn náà bá bá kòkòrò mu, ó yẹ kí ó hàn láàárín ọjọ́ méjì: ibà á lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, ọmọ á tún béèrè oúnjẹ. Bí kò bá hàn, oògùn náà ni kí wọ́n pa dà, kì í ṣe pé kí wọ́n fi kún un. Oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró, irú lopẹ́ramáìdì, kò yẹ fún ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ rárá, nítorí pé ńṣe ni ó ń ti kòkòrò mọ́ inú ìfun tí ó ti dá egbò.

Fílájílì wá ńkọ́, oògùn tí ọ̀pọ̀ ilé ní Nàìjíríà kì í wọ́n nínú dúrọ́ọ̀ wọn? Kò pa kòkòrò onígbáméjì, kò sì pa Ṣigẹ́là. Amébà ni ó ń pa, amébà kì í sì í ṣe ohun tí ó sábà ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára ọmọdé. Orílẹ̀-èdè Guatemálà ti san owó àṣìṣe yìí. Ní 1969, nígbà tí Ṣigẹ́là ẹ̀yà kìíní bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní amébà, oògùn amébà ni wọ́n sì ń fún àwọn aláìsàn. Kí wọ́n tó mọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti kú.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ́jú aláìsàn nílé, kí ó wo inú póò. Bí ó bá funfun bí omi ìrẹsì, kí ó gbé ife ORS sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí ó máa fún un mu títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, nínú ọkọ̀ pàápàá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì ní kété tí wọ́n bá dé pé ẹ̀jẹ̀ ni òun rí, kí ó sì dá ọmọ náà padà fún wọn bí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá dín kù lẹ́yìn wákàtí 48.